Tí ara ẹnì kan bá ń fẹ́, tí ti èkejì kò fẹ́: ọ̀rọ̀ tó yẹ kí tọkọtaya jọ sọ lẹ́yìn ìbímọ

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn ìbímọ, abiyamọ máa ń padà sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì á wo ojú ọgbẹ́, á tẹ ikùn wò bóyá ilé ọmọ ti padà sí àyè rẹ̀, á wọn ọmọ, á béèrè irú ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí ìyá fẹ́ ṣe. Tí gbogbo rẹ̀ bá dáa, á ní kò sí wàhálà mọ́, tọkọtaya lè máa bára wọn lò. Gbólóhùn yẹn ni ọkọ máa ń rántí jù. Lójú tirẹ̀, àkókò ti tó. Ní ti ìyàwó, ohun tó gbọ́ ni pé ọgbẹ́ ti jinná. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ìbálòpọ̀ ń wù ú. Ọ̀tọ̀ ni kí ọgbẹ́ jinná, ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan wu ènìyàn, ibẹ̀ sì ni aáwọ̀ ọ̀pọ̀ ilé ti ń bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀.

Kò sí tọkọtaya tí ìfẹ́ ìfarakanra wọn máa ń bára dọ́gba nígbà gbogbo. Ẹnì kan á fẹ́ ju èkejì lọ lọ́dún yìí, ó lè yí padà lọ́dún tó ń bọ̀. Ìgbà ìfọ́mọlọ́mú ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí àìdọ́gba yẹn máa ń hàn kedere nígbà náà, ohun tó ń fà á sì ṣeé ṣàlàyé. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n bá ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ sọ nígbà yẹn, yóò mọ̀ ọ́n sọ nígbà mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ara. Bí obìnrin bá ń fọ́mọ lọ́mú, ọpọlọ rẹ̀ máa ń tú hòmóònù kan tó ń jẹ́ purolákítìn sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń mú kí wàrà wá. Nígbà tí purolákítìn bá pọ̀, èyí tó ń jẹ́ ẹ́sítírójìn máa ń dín kù. Ẹ́sítírójìn ló ń jẹ́ kí ojú ara obìnrin rọ̀, kó nípọn, kó sì máa lómi. Tó bá ti dín kù, ojú ara á gbẹ, awọ ibẹ̀ á fẹ́lẹ́, ìbálòpọ̀ á sì máa ta á, kódà bí ibi tó ya nígbà ìbímọ ti jinná pátápátá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, pàápàá tí ọmọ bá ṣì ń mu ọmú tọ̀sán-tòru tí nǹkan oṣù kò sì tíì padà. Ẹ wá fi àìsùn kún un, àti ẹ̀jẹ̀ tó lè má pọ̀ lára, àti ojú abẹ fún ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún. Ohun kan tún wà tí àwọn ìyá máa ń sọ fún wa ní bòókẹ́lẹ́: ọmọ ti wà lára wọn láti òwúrọ̀, ó ń fa ọmú, ó ń fa irun, ó ń sùn sí àyà wọn. Tó bá fi máa di alẹ́, ara wọn kò fẹ́ kí ọwọ́ kankan tún kàn án mọ́, ì báà jẹ́ ọwọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù.

Ara ọkọ kò la irú ìyẹn kọjá. Ṣùgbọ́n òun náà pàdánù nǹkan kan: gbogbo ojú àti ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ti wà lára ọmọ. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin wa, orí bẹ́ẹ̀dì nìkan ni wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé àwọn nífẹ̀ẹ́ aya àwọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń mọ̀ pé aya fẹ́ràn àwọn. Nígbà tó bá ń béèrè, ó lè jẹ́ pé ohun tó ń wá gan-an ni kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé òun ṣì ní ìyàwó. Ojú sì máa ń ti ẹni tó ń fẹ́ jù, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ti ẹni tí kò fẹ́. Ọ̀kan ń wo ara rẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ, èkejì ń wo ara rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan ti bàjẹ́ lára rẹ̀.

Àwọn baba ńlá wa ní òfin fún ìgbà yìí. Ìwádìí tí John Caldwell àti Pat Caldwell tẹ̀ jáde ní 1977 lórí àwọn Yorùbá ṣàlàyé bí tọkọtaya ṣe máa ń ta kété sí ara wọn fún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ìbímọ. Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí rẹ̀ ni pé àtọ̀ máa ba omi ọmú jẹ́. Ìyẹn kì í ṣe òótọ́ ní ti ìmọ̀ ìṣègùn, àtọ̀ kò lè dé inú wàrà. Òfin náà sì nira fún àwọn obìnrin kan, torí ilé ìyàwó mìíràn ni ọkọ máa ń gbà lọ. Síbẹ̀, ó gba abiyamọ lọ́wọ́ ohun kan: kò ní láti ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo agbo ilé ló mọ̀. Lónìí, tọkọtaya wà nínú yàrá kan, lórí bẹ́ẹ̀dì kan, òfin àtijọ́ ti lọ, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní láti fẹnu ara wọn sọ ohun tí àṣà ti ń bá wọn sọ tẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Ohun kan ṣì kù kí n tó dé orí bí a ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìfẹ́ ìbálòpọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá fúnra rẹ̀, kí ènìyàn tó fọwọ́ kan ara wọn. Tí kò bá wá, ìfẹ́ ti tán nìyẹn. Ní 2000, Dókítà Rosemary Basson ní ilẹ̀ Kánádà kọ̀wé láti fi hàn pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí fún ọ̀pọ̀ obìnrin, pàápàá àwọn tó ti wà pẹ̀lú ọkọ fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sí nǹkan kan tó ń wu irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó kàn fẹ́ kí òun àti ọkọ òun sún mọ́ra. Tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, tí ìfọwọ́kàn náà bá dùn mọ́ ọn, ìgbà náà ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í wù ú. Àwọn ọkùnrin kan náà rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ ọ sódì, kó wá ní kí ìyàwó òun máa jẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀ ná, pé á wù ú tó bá yá. Àlàyé yẹn sinmi lórí ìfọkànbalẹ̀, ẹni tí wọ́n sì ń ti kì í ní ìfọkànbalẹ̀.

Àwọn onímọ̀ mìíràn ní ilé ìwádìí Kinsey ní Amẹ́ríkà máa ń fi ọkọ̀ ṣàlàyé rẹ̀: gbogbo ènìyàn ló ní tọ́tù tó ń mú kí ìbálòpọ̀ wù ú, gbogbo ènìyàn ló sì ní bíréèkì tó ń dá ìfẹ́ náà dúró. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọkọ máa ń ṣe ni kí wọ́n máa tẹ tọ́tù: lọ́fíńdà tuntun, ẹ̀bùn, àgbo tí wọ́n rà lọ́wọ́ ìyá alágbo. Bẹ́ẹ̀ bíréèkì ni ẹsẹ̀ wà lé lórí. Ìrora wà níbẹ̀, ẹ̀rù oyún mìíràn, ọmọ tó lè jí nígbàkigbà, ìyá ọkọ tó ń sùn sí pálọ̀, aṣọ tí a kò tíì fọ̀. Ìbéèrè tó wúlò jù ni: kí ló ń tẹ bíréèkì?

Ẹ jẹ́ ká wá mú tọkọtaya kan. Mo kó wọn jọ láti ara ọ̀pọ̀ tọkọtaya ni, kí n má bàa tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé, ní Àpáta. Ìyàwó ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọkọ ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Tẹ́mi, ọmọ wọn, ti pé oṣù méje. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì. Ó dun ìyàwó gan-an, ó pa á mọ́ra, kò sọ. Nígbà tí ọkọ tún fẹ́ sún mọ́ ọn, ó ní ó ti rẹ òun. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Tẹ́mi sí àárín bẹ́ẹ̀dì. Tí ọkọ bá gbá a mọ́ra láti ẹ̀yìn nínú ilé ìdáná, ara rẹ̀ á le gbagidi. Ọkọ rí i. Ó ń dùn ún, kò sì sọ ìyẹn náà. Ó kàn ń ka oṣù lọ́kàn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dáadáa, torí òun ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ìfọwọ́kàn kọ̀ọ̀kan ti di ìbéèrè. Tí ọkọ bá fọwọ́ lé e léjìká, kì í ṣe ọwọ́ ló ń gbọ́ mọ́, ó ń gbọ́ pé, "Ṣé lálẹ́ òní ni?" Torí náà, kí ó má bàa máa sọ rárá sí ìbéèrè yẹn, ó ń sá fún gbogbo ọwọ́, títí kan èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ó wù ú kí ọkọ rẹ̀ bá a fi òróró pa á, ṣùgbọ́n kò jẹ́ sọ ọ́, torí ẹ̀rù ibi tí ìyẹn máa já sí. Ìbálòpọ̀ tó dín kù ti wá kó gbogbo ìfarakanra yòókù lọ. Ìgbà tí ọkọ kò bá sì rí ìfarakanra kankan mọ́, ebi rẹ̀ á túbọ̀ máa pa á, á túbọ̀ máa béèrè, ìyàwó á sì túbọ̀ máa sá.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkọ sọ ọ́, orí bẹ́ẹ̀dì ni, ní aago mọ́kànlá alẹ́, lẹ́yìn tí ìyàwó ti yí ẹ̀yìn sí i. Ó ní, "Mo ti ní sùúrù tó. Ó ti di oṣù mélòó báyìí?" Ìyàwó fèsì pé, "Ṣé ohun tó wà lọ́kàn yín nígbà gbogbo nìyẹn?" Ó parí síbẹ̀. Kò sí èyí tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọkọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye oṣù, ẹni tí wọ́n bá ka oṣù fún máa ń gbọ́ pé òun jẹ gbèsè. Ìyàwó náà fi ìwà ọkọ dáhùn, kò fi ara tirẹ̀ dáhùn, nítorí náà ọkọ kò gbọ́ nǹkan kan nípa ìrora.

Àkókò àti ibi tí a ti ń sọ ọ́ ṣe pàtàkì ju bí a ṣe rò lọ. Orí bẹ́ẹ̀dì kọ́, ẹ̀yìn ìgbà tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ rárá kọ́, ìgbà tí ebi ń pa ẹnikẹ́ni kọ́. Ọ̀sán dáa, pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn. Ó tilẹ̀ máa ń rọrùn fún àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n jọ ń rìn tàbí tí wọ́n jọ ń ṣa ẹ̀wà, ju kí wọ́n máa wojú ara wọn lọ. Ìlàjì wákàtí ti tó. Ohun tó bá kù á di ọjọ́ mìíràn. Ní ti tọkọtaya wa yìí, ọ̀sán Sunday kan ni, àbúrò ìyàwó ti gbé Tẹ́mi pọ̀n jáde. Ọkọ ní:

"Ìyá Tẹ́mi, ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń nira fún mi láti sọ. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lónìí o. Mo kàn rí i pé tí mo bá fọwọ́ kàn ẹ́, ara ẹ máa ń le. Ó ń ṣe mí bíi pé o kò fẹ́ rí mi mọ́. Mo fẹ́ mọ bó ṣe rí lára tìẹ."

Gbólóhùn kejì yẹn ló ṣiṣẹ́ jù. Ó mú alẹ́ ọjọ́ náà kúrò lórí ọ̀rọ̀, kí ìyàwó má bàa máa wá bó ṣe máa gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e sọ ohun tó rí, kò sọ irú ènìyàn tí ìyàwó jẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó ń ṣe òun, ó sì fi ìbéèrè parí rẹ̀. Kò sí "o kì í", kò sí "nígbà gbogbo", kò sí ìyàwó ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Ìyàwó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Mo fẹ́ yín. Ó ń dùn mí ni. Ẹ̀ẹ̀mejì yẹn, ó ta mí bí ìgbà tí ata bá kan ojú ọgbẹ́. N kò lè sọ ọ́, mo rò pé ẹ máa ní mò ń ṣe àwáwí. Látìgbà náà, tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ kàn mí, mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ pé rárá."

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ tó ti ń lọ dáadáa ti máa ń bàjẹ́. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí ẹnu ọkọ ni, "Kí ló dé tí o kò sọ látijọ́?" Ẹ̀sùn nìyẹn, ìyàwó á sì tún padé. Ọkọ yìí ní, "Pẹ̀lẹ́. N kò mọ̀ rárá." Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Ìfọwọ́kàn wo ló ṣì dùn mọ́ ẹ?" Ìyàwó ní òun fẹ́ kó máa bá òun fọwọ́ pa ẹ̀yìn, kó di òun mú sùn, tí òun bá ti mọ̀ dájú pé ibẹ̀ ló máa parí sí.

Wọ́n wá fohùn ṣọ̀kan pé kò ní sí ìbálòpọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀nà yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú tọkọtaya: William Masters àti Virginia Johnson ló ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé wọn ní 1970. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé, ní ìgbà bíi méjì lọ́sẹ̀, nígbà tí ọmọ bá sùn, ẹnì kan á dùbúlẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èkejì á máa fọwọ́ pa á lára, apá, ẹ̀yìn, ẹsẹ̀, orí. Lẹ́yìn náà wọ́n á yípo. Wọ́n á fo ọmú àti abẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó dùbúlẹ̀ á máa sọ "rọra" tàbí "ibẹ̀ yẹn dáa". Tí ara ọkọ bá dìde, kò burú, ara ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ìyàwó gbọ́dọ̀ yanjú. Ohun tó máa ń ba ètò yìí jẹ́ ni kí ẹnì kan rú àdéhùn ní ọ̀sẹ̀ kejì torí pé "ó ń lọ dáadáa". Tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ìyàwó á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sí ìbéèrè, wọ́n sì ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó láti mú ìfọkànbalẹ̀ yẹn lọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, wọ́n jọ lọ rí nọ́ọ̀sì nípa ìrora. Jẹ́ẹ̀lì olómi tí wọ́n ń tà nílé ìtajà oògùn máa ń ran gbígbẹ lọ́wọ́ púpọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi òróró tàbí fasilíìnì rọ́pò rẹ̀ bí wọ́n bá ń lo kọ́ńdọ̀mù, torí òróró máa ń jẹ́ kí rọ́bà náà ya. Bí jẹ́ẹ̀lì kò bá tó, dókítà lè kọ ìpara ẹ́sítírójìn tí wọ́n ń fi sí ojú ara. Tí ìrora bá ń le sí i, tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi olóòórùn bá ń jáde, tàbí tí ìyá bá ń sunkún lójoojúmọ́ tí ohunkóhun kò dùn mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfohùnṣọ̀kan. Wọ́n tún bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ nípa ìfètò-sọ́mọ-bíbí, torí obìnrin lè lóyún kí nǹkan oṣù rẹ̀ tó padà, ẹ̀rù oyún sì wà lára ohun tó ń tẹ bíréèkì.

Lẹ́yìn ìyẹn, rárá ṣì máa wáyé. Ó dáa kí rárá máa sọ ohun tó ṣeé ṣe pẹ̀lú ohun tí kò ṣeé ṣe: "Kò wù mí lálẹ́ yìí, àmọ́ ẹ wá dì mí mú." Kí ìyàwó sọ ìyẹn tó bá jẹ́ òótọ́ nìkan. Kó má ṣe ṣèlérí ọ̀la láti fi ra àlàáfíà òní, torí ìlérí yẹn á di ohun tí wọ́n ń bi í lọ́la. Ní ti ẹni tí wọ́n sọ rárá fún, "ó dáa" ti tó, kí ojú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì sì bá ohun tó sọ mu. Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ̀ bóyá ipá ti wọ inú ọ̀rọ̀ ilé òun, kó wo ohun tó máa ń tẹ̀ lé rárá. Ṣé ọkọ máa ń dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta ni? Ṣé owó oúnjẹ máa ń dín kù? Ṣé a máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó kejì? Tí nǹkan kan bá wà tí ìyàwó gbọ́dọ̀ san fún rárá, bẹ́ẹ̀ ni rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mọ́. Ó sì ń ba ohun tí ọkọ ń wá jẹ́: obìnrin tó ń fara da ìbálòpọ̀ tó ń dùn ún, iṣan abẹ́ rẹ̀ máa ń kọ́ láti máa sún kì fúnra rẹ̀, ìrora á sì máa pọ̀ sí i.

Àwọn kan máa ń gbé Bíbélì síwájú ìyàwó, 1 Kọ́ríńtì orí 7. Kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ náà ló ti sọ pé aya ní àṣẹ lórí ara ọkọ, ibẹ̀ náà ló sì ti sọ̀rọ̀ ìfohùnṣọ̀kan. Bí ọkùnrin bá sì fi agídí mú aya rẹ̀, ìwà ipá ni, kò sí bí àwọn méjèèjì ṣe máa fi ọ̀rọ̀ dídùn yanjú rẹ̀. Ní Èkó, ilé ìtọ́jú Mirabel tó wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà láti 2013 máa ń tọ́jú ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí.

Nígbà mìíràn, ọkọ ni kò fẹ́. Ìtìjú tirẹ̀ máa ń pọ̀ ju ti obìnrin lọ, torí gbogbo ènìyàn ti sọ fún un pé ọkùnrin máa ń fẹ́ nígbà gbogbo. Àìsùn ilé ọmọ tuntun lè fà á, gbèsè lè fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan àti àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kan. Kó má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Kó béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá òmíràn wà. Tí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ kò bá le dáadáa mọ́ láti bí oṣù mélòó kan, kó lọ yẹ ìfúnpá àti ṣúgà rẹ̀ wò kó tó ra àgbo, torí ìyẹn lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ pé òpó ẹ̀jẹ̀ ń ní ìṣòro. Ìyàwó tó fẹ́ bá a sọ ọ́ lè lo gbólóhùn kan náà: kì í ṣe tòní, ohun tí mo rí nìyí, bó ṣe ń ṣe mí nìyí, báwo ló ṣe rí lára yín?

Lópin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tọkọtaya Àpáta kò dọ́gba. Ọkọ ṣì ń fẹ́ ju ìyàwó lọ. Ṣùgbọ́n Tẹ́mi ti padà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ìyàwó ti ń béèrè fún ẹ̀yìn tí wọ́n máa pa fún un, òun ló sì kọ́kọ́ sún mọ́ ọkọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n dá ọjọ́ tí wọ́n tún máa sọ ọ́: nígbà tí Tẹ́mi bá ti ń jẹun dáadáa tí ọmú rẹ̀ sì dín kù, torí ẹ́sítírójìn á bẹ̀rẹ̀ sí í padà nígbà náà, ohun tí ara ìyàwó kò gbà ní oṣù keje lè yàtọ̀ sí ohun tí yóò gbà ní oṣù kẹrìnlá.